Ìpín Gòkè, Ọ́pṣọ̀n Wálẹ̀

Gbogbo ìpè tó bá wọlé sí tábìlì wa ni wọ́n ń gbà sílẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ wa, tó ń bá àwọn èèyàn ra ìpín ìdókòwò tó sì ń bá wọn tà á, ni pé a kò gbọdọ̀ pe oníbàárà ní "ìwọ". Bí mo ṣe di ẹni tó ń pe àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ní "ẹ̀yin" láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Kí ni mo lè ṣe fún yín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni o! Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe fún mi. Ìpín gòkè, owó mi dínkù. Olè ni wọ́n!"

Mo-Ti-Sọ là ń pè é nílé, torí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé yìí tí òun kò ti sọ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe, ó sì ti sú u. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ìpín ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe bátìrì yóò gòkè bí wọ́n bá ti kéde èrè wọn. Ó kó gbogbo owó tó ní nípamọ́, ó fi ra ọ́pṣọ̀n, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ra ìpín náà ní ọgọ́rùn-ún dọ́là títí di ìparí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Dọ́là mẹ́fà ló san lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Mo ní ó ti wọ́n jù. Ó ní ojo ni mí.

Lánàá, lẹ́yìn tí ọjà ti tú, wọ́n kéde èrè. Lórí ọjà alẹ́, ìpín tó wà ní ọgọ́rùn-ún dọ́là di mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún. Mo-Ti-Sọ fi mẹ́ta kún mẹ́fà, ó ní ọ́pṣọ̀n òun ti di dọ́là mẹ́sàn-án. Kò dúró kí ọjà ọ́pṣọ̀n ṣí láàárọ̀ kó tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé pé òun ò ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tí ọjà ṣí, dọ́là mẹ́rin ni ọ́pṣọ̀n rẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀ sà," ni mo wí. "Ṣáájú ìkéde, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ìpín yẹn máa fò tàbí ó máa já lulẹ̀. Ìfò tàbí ìjálulẹ̀ ńlá tí gbogbo ọjà ń retí ló mú kí ọ́pṣọ̀n wọ́n. Ìgbà tí òjò ṣú lẹ ra agboòrùn. Òjò ti dá báyìí."

"Ṣùgbọ́n mo sọ pé ó máa gòkè, ó sì gòkè!"

"Ó gòkè lóòótọ́, àmọ́ kò tó bí ọjà ṣe retí. Gbogbo mẹ́fà tẹ́ ẹ san, ìrètí ni. Nínú mẹ́rin tó kù, mẹ́ta ni ti gígòkè yẹn. Dọ́là kan péré ni ìrètí kù sí."

Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Ohun tó sọ ṣẹ, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá ilé-ìwé ti fèsì," ló wá wí. "Wọ́n ní ó ti pẹ́ táwọn ti ń retí lẹ́tà yẹn. Wọ́n ti rí ẹni tó máa rọ́pò mi."

Mo gbàgbé òfin.

"Ìwọ, ilé mi ni kó o gbà wá," ni mo wí. "Má bá ẹnikẹ́ni jà lọ́nà."