Ohùn Inú Kásẹ́ẹ̀tì Tiwalọlá

Ọkọ mi kì í lù mí. Kì í mutí, kì í tẹ̀lé obìnrin kiri, owó oúnjẹ kì í sì í wọ́n mi lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi Ṣìkẹ́mi ní Ìjọra pé ilé ọkọ ti sú mi, ó bu omi fún mi, ó jókòó, ó ń retí kí n dárúkọ obìnrin tó fẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ mi.

Mo ní, “Kì í bá mi sọ̀rọ̀.”

“Ṣé ẹ jà ni?”

“A ò jà.”

“Àdùfẹ́, ṣé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń jẹ yó ni? Ọkọ àwọn kan ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí kọ́bọ̀ lápò wọn. Máa lọ sílé rẹ, má jẹ́ kí ayé fi ọ́ rẹ́rìn-ín.”

Mo lọ sílé mi. Ta ni mo tún fẹ́ lọ bá? Ẹjọ́ ọkọ tí kì í sọ̀rọ̀, kò sí ẹbí tó ń jókòó dá a.

Dáhùnsí lorúkọ ọkọ mi. Èbúté Tin Can ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Èmi ń ránṣọ ní ojúlé wa ní Ajégúnlẹ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ la fi tọ́ ọmọ méjì, ilé náà kì í sì í dákẹ́ nígbà yẹn. Bí Dáhùnsí bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ dè é: Kànmí ti fọ́ fèrèsé onílé, ara Tiwa ń gbóná, owó ilé-ìwé ti tó san. Mo máa ń sọ fún Tiwa pé, “Lọ sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀.” Bàbá rẹ̀ náà á ní, “Sọ fún ìyá rẹ pé mò ń bọ̀.” Pálọ̀ kan náà ni gbogbo wa wà o. Mi ò mọ̀ pé ẹnu ọmọ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, àfìgbà tí ẹnu ọmọ kúrò nílé.

Kànmí kọ́kọ́ ríṣẹ́ lọ sí Kàdúná. Ní 1992, Tiwalọlá bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Hamburg ní Jámánì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, a ṣì rí nǹkan sọ: ṣé wọ́n ti gúnlẹ̀, ṣé òtútù ò ní pa á. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ tán. “Ẹ káàbọ̀.” “O kú ilé.” Á jẹun, á ní, “O ṣé.” Á tan rédíò. Bí mo bá sọ pé ìyàwó onílé ti bímọ, á ní, “Ó dára.” Ibẹ̀ náà ló máa parí sí. Èmi náà á mú abẹ́rẹ́ mi, màá máa rán aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ní kí n rán.

Lọ́jọ́ kan, inú bí mi. Mo bu iyọ̀ sínú ọbẹ̀, mo tún bù ú sí i. Mo ní lọ́kàn mi pé kó kúkú pariwo mọ́ mi, ariwo náà ọ̀rọ̀ ni. Mo jókòó, mo ń wo ẹnu rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó mu omi gọ́gọ́gọ́, ó ní, “O ṣé,” ó wọlé lọ sùn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí ìyá mi kú lọ.

Kásẹ́ẹ̀tì ló wá tú àṣírí rẹ̀ fó. Onoriode, ará Uróbò tó ń gbé yàrá ìkẹyìn nínú ilé wa, inú ọkọ̀ òkun ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń dé Hamburg. Òun la ń fi kásẹ́ẹ̀tì rán sí Tiwa. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ tèmi sínú rẹ̀. Ibi tí mo bá parí sí ni màá fi í sílẹ̀ sí, Dáhùnsí á wá tẹ bọ́tìnnì méjì tó ń gba ohùn sílẹ̀ pọ̀ lára rédíò, á bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti ibẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, mo rò pé àlejò ló wọlé. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ fún Tiwa nípa dírẹ́bà tírélà kan tó pẹ́ lórí ìlà àtiwọ Tin Can débi pé ó ń sá aṣọ sára tírélà, ó ń se ẹ̀wà lábẹ́ rẹ̀, bábà sì wá ń gẹ irun fún un níbẹ̀. Ó tún ń sín ohùn dírẹ́bà náà jẹ. Ẹni tí mo rò pé ọ̀rọ̀ ti gbẹ nínú rẹ̀. Nígbà tó jẹun tán, mo ní, “Dírẹ́bà yẹn ńkọ́, ṣé ó ti wọlé?”

Ó wò mí. “Dírẹ́bà wo?”

Ó tan rédíò. Mo jowú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ń jowú nǹkan tí wọ́n ń tà lórí àtẹ.

Mo wá rò ó pé bó bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀, inú kásẹ́ẹ̀tì ni n ó gbà wọlé tọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí Dáhùnsí jáde, Onoriode kanlẹ̀kùn. “Mama Kànmí, we go sail tomorrow. I go come carry Tiwa cassette this evening.” Bó ṣe lọ tán, mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹ bọ́tìnnì méjèèjì.

Mo ní, “Bàbá Kànmí, èmi ni. Tiwa kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni. Ilé yìí ń pa mí. Tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ fún mi. Tí n ò bá ṣẹ̀ yín, ẹ ṣáà sọ nǹkan fún mi, ì báà ṣe ọ̀rọ̀ tírélà. Mo ṣì fẹ́ràn ohùn yín.” Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, mi ò sọ irú rẹ̀ rí.

Kí ọ̀rọ̀ kankan má bàa fò ó, mo yí kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Nígbà tó dé, ohun tó yẹ kí n sọ ni pé, “Ẹ gbọ́ ọ.” Ẹnu mi kọ̀. Mo ní, “Onoriode ń lọ lọ́la. Kásẹ́ẹ̀tì wà nínú rédíò.” Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo lọ pọnmi lẹ́yìnkùlé.

Nígbà tí mo padà, mo gbọ́ ohùn nínú pálọ̀. Kì í ṣe ohùn mi. Ó ti wò ó pé ìbẹ̀rẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì wà, ó gbà pé mi ò tíì sọ tèmi, ó sì ti ń sọ tirẹ̀ lé e lórí. Bí ohùn rẹ̀ ṣe ń wọlé ni tèmi ń pa rẹ́. Mo na ọwọ́ sí kọ́tìnnì kí n lè dá a dúró. Ìgbà náà ni mo gbọ́ orúkọ mi.

“Tiwa, ìyá rẹ, Àdùfẹ́ mi, kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, láti Creek Road ni mo ti máa ń ro ohun tí n ó sọ fún un, bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà báyìí, ó ti pòórá. Lọ́jọ́ kan, ọbẹ̀ rẹ̀ kún fún iyọ̀. Mo jẹ ẹ́. Mo ní bóyá ogbó ló ń dé, mi ò fẹ́ kójú tì í. Bá mi bi í, ọmọ mi. Ìwọ ló máa dá lóhùn.”

Mo gbọ́ tí bọ́tìnnì ró. Mo wọlé. Gbogbo ọ̀rọ̀ ayé ló wà lẹ́nu mi. Ó gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó ń dúró, èmi náà ń dúró. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀ tá a lè rán.

Mo ní, “Ṣé kí n gbé oúnjẹ wá?”

“Gbé e wá.”

Ó jẹun. Nígbà tó kù díẹ̀ kó tán, ó dúró, ó wo inú abọ́ títí. Ó ní, “Iyọ̀ rẹ̀ dára lónìí.”

Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo mọ ibi tó ti ń gbé e bọ̀, àti bó ṣe wúwo tó. Mo la ẹnu mi.

Mo ní, “Ẹ ṣeun.”

Ó fọwọ́, ó tan rédíò. Onoriode kanlẹ̀kùn, mo yọ kásẹ́ẹ̀tì, mo fà á lé e lọ́wọ́.

“Mama,” ó ní, “you and Baba don talk finish?”

Mo ní, “A ti parí.”