Ká Sọ Pé Ó Ti Bàjẹ́

Láti ìgbà tí yunifásítì kan n'Ìbàdàn ti ní kí Níìfẹ́mi wá kàwé gba oyè kejì ni kò ti lè fìdí jókòó mọ́. Á jókòó, á dìde. Á wọ yàrá, kò ní rántí ohun tó fẹ́ mú. Tíṣà ni l'Ádó-Èkìtì. Bàbá ọmọ rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ tipẹ́, ọmọ náà, Ìmọ́lẹ̀olúwa, ò sì tíì tó wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni yunifásítì ń retí èsì: ṣé ó ń bọ̀ àbí kò bọ̀?

Ó ti fi máàkì wọ̀n ọ́n. Ó kọ lílọ sápá kan, dídúró sápá kejì, ó pinnu bí iṣẹ́, ọmọ àti ọjọ́ iwájú ṣe wúwo tó lójú rẹ̀, ó wá fún kálukú ní máàkì. Dídúró ló borí. Inú bí i. Ó fi kún ìwúwo ọjọ́ iwájú, lílọ wá borí. Ojú tì í. Ẹni tó ń máàkì ìwé ara rẹ̀, ṣé á fún ara rẹ̀ ní òdo ni?

"Ìwọ ti mọ ibi tí ò ń lọ," Kúdírát ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. Ará Ìwó ni Kúdírát, aṣọ ọmọdé ló ń tà l'Ókè-Ìlá l'Ádó. "Nígbà tí mo fẹ́ kó ọjà mi wá síbí, ohun tí wọ́n kọ́ àwa oníṣòwò ni mo ṣe. Pe gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn. Ẹ sọ pé ọdún kan ti kọjá, ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́. Kì í ṣe pé ó lè bàjẹ́ o, ó ti bàjẹ́! Kí kálukú wá sọ ohun tó bà á jẹ́. Ẹ ó wá tún un ṣe kẹ́ ẹ tó gbéra."

"Ó ṣiṣẹ́ fún yín, àǹtí?"

"Ọkọ mi ní òjò ló ba ọjà jẹ́. Ni mo bá lọ wo òrùlé ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ gbà. Ihò ló kún ibẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, Níìfẹ́mi bá ìyá rẹ̀, Màmá Olúyẹ́misí, níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọmọ máa wà bí ìyá rẹ̀ bá lọ. Òkúta ti ń pọ̀ nínú ẹ̀wà ilé wọn láìpẹ́ yìí. Níìfẹ́mi ti tìtorí ẹ̀ bá ẹlẹ́wà jà.

"Màmá, ká sọ pé ọdún kan ti kọjá. Mo ti lọ, gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Kí ló bà á jẹ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ta ló bàjẹ́?" Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ da ẹ̀wà nù. "A kì í sọ irú ẹ̀ nínú ulé yìí."

"Àròsọ lásán ni, Màmá."

"Kò ní bàjẹ́ lórúkọ Jésù!"

"Ṣé ẹ lè tọ́jú ọmọ?"

"Kí ló dé tí mi ò ní lè ṣe é? Usẹ́ mi kọ́ ni?"

Ó sú Níìfẹ́mi. Ó ti fẹ́ dìde nígbà tí ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn.

"Ó dáa, ẹ gbàdúrà fún mi. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan."

Háà, àdúrà! Ẹnu tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ là gbàrà. Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, kí ọdún méjì má di mẹ́rin. Àmín. Má jẹ̀ẹ́ kó padà dé kó má bá iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ mọ́. Àmín. Níìfẹ́mi ń rò ó bó ti ń ṣàmín: ìyẹn, òun á tọrọ ààyè dípò kí òun kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà Kúdírát ń ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ ti ń dùn.

Ohùn Màmá wá lọ sílẹ̀. Àdúrà ti wọ̀ ọ́ lára, ó ti gbàgbé pé ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

"Ojú òsì mi tó ti kú yìí, Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀tún tẹ̀lé e. Má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ yìí já mọ́ mi lọ́wọ́ ní títì, kí n má rí ibi tó gbà. Má jẹ̀ẹ́ kí Níìfẹ́mi mọ̀, kó má baà torí mi dúró."

Níìfẹ́mi wo òkúta tó ṣì wà nínú ẹ̀wà tí Màmá ti ṣà. Nínú gbogbo máàkì tó fi sílẹ̀, ti Màmá nìkan ni kò yí padà rí. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ló fún un lórí ìtọ́jú ọmọ, láì kọ́kọ́ bi í ní nǹkan kan.

"Ṣàmín," Màmá wí.

"Mi ò lè ṣàmín sí ìyẹn."

Màmá la ojú. "Ọlọ́run ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Èmi náà gbọ́, Màmá."

"Lọ o, ọmọ mi. Jọ̀ọ́."

"Màá lọ. Màá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un di ọdún tó ń bọ̀." Kò mọ̀ bóyá wọ́n máa gbà. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀dọ̀ dókítà ojú la jọ ń lọ."

Níìfẹ́mi fa àwo ẹ̀wà náà mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á látìbẹ̀rẹ̀.