Ohùn Ẹ̀gbọ́n Kún Inú Fóònù

Kẹ̀ẹ́rẹ́, kẹ̀ẹ́rẹ́, kẹ̀ẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ okùn kànga máa ń dún láyé ijọ́un, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, lẹ́yìnkùlé ilé tí wọ́n bí bàbá alágbàfọ̀ yìí sí. Tí kẹ̀kẹ́ náà bá ti dákẹ́, gbogbo ará ilé ti mọ ohun tó kàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti fa omi tán nìyẹn. Yóò fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, yóò sì kígbe pe àbúrò rẹ̀, "Ẹsẹ̀ Ehoro ooo!"

Kí ohùn náà tó balẹ̀, ọmọdékùnrin náà á ti dáhùn láti orí ẹní, "Mo ti dé!"

Kò tíì dìde o. Oorun ṣì wà lójú ẹ̀. Àmọ́ "mo ti dé" ni yóò wí, ẹ̀gbọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín: "Ibo lo dé, ìwọ òpùrọ́ yìí?" Ìgbà yẹn ni yóò wá ta kìjí, yóò sáré jáde lọ gba korobá kékeré tó jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yìí kì í sọ ohun tó ń pe èèyàn fún láti òkèèrè. Wàá dé iwájú rẹ̀ ná. Á bi ọ́ bóo ṣe sùn, á nu itọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ, á sọ ohun tí ẹyẹ kan ṣe lórí òrùlé, kó tó wá kan ọ̀rọ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wà, bíi ṣúgà tí wọn ò rò nínú ife tíì.

Ọdún gorí ọdún. Ẹsẹ̀ Ehoro di arúgbó sílẹ̀ àjò, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn tó ń pè é ní àjèjì tẹ́lẹ̀ ti ń pè é ní bàbá. Abẹ́ ilẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti táwẹ́ẹ̀lì àwọn àlejò. Òun ló ń ti aṣọ bọ ẹnu ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́. Ariwo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré: ẹ̀rọ ìfọṣọ ń hó, ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ ń ké ràmùràmù, ooru gbígbóná ń dún ṣìì bí ejò. Èèyàn ní láti pariwo kó tó lè kí ẹni tó dúró tì í.

Ní ti ẹ̀gbọ́n, ojú ló ń dà á láàmú. Awọ funfun kan ti rọra ń bo ẹyinjú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò rí lẹ́tà kà mọ́, áḿbọ̀sìbọ́sí pé kó tẹ̀ ẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, onídìrí ni, ló kọ́ ọ ní ibi tí yóò tẹ ìka mọ́ tí fóònù á fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní fọ́ìsì. Ọjọ́ tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ ni àgbàrá ya. Ó jí, fọ́ìsì. Òjò ṣú, fọ́ìsì. Adìẹ aládùúgbò wọlé, fọ́ìsì gígùn, torí adìẹ náà ní ìtàn.

Bàbá kò rọ́wọ́ mú. Lẹ́nu iṣẹ́, kò lè gbọ́ nǹkan kan. Tó bá ṣíwọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ó gbìyànjú kó jẹ́ kí ohùn náà máa sáré ní ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ẹyẹ ẹ̀gà sí i létí, gbogbo ohùn orí ọ̀rọ̀ dà rú. Ó gbìyànjú kí fóònù bá òun kọ ohùn náà sílẹ̀ kóun kà á. Fóònù kò gbọ́ èdè wọn, ó rò pé èdè ìlú àjò ni màmá náà ń sọ, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ láìtijú pé ẹṣin kan fẹ́ ra ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

"Ẹ sọ fún wọn bí mo ṣe sọ fún àwọn àbúrò mi," Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín wí. Obìnrin yìí ló ń ká aṣọ tí bàbá bá lọ̀ tán; ọmọ ilẹ̀ kan náà ni wọ́n, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sẹ́nu rẹ̀. "Mo ní kókó ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, kẹ́ ẹ wá kí mi lẹ́yìn. Fọ́ìsì tó bá ti gùn ju kí ẹyin jinná lọ, mi ò gbọ́."

"Ìwọ ń bá àwọn àbúrò ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n mí lẹ́yìn, ṣé èmi ni màá ní kó má kí mi?"

Nítorí náà, bàbá dá ọgbọ́n tirẹ̀. Ó mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tó bá fọwọ́ kan fọ́ìsì pé kó máa dún, á fi ìka wọ́ àmì róbótó tó wà lórí ìlà ohùn náà lọ sí apá ìparí, á gbọ́ ìsàlẹ̀ ife, á sì fi àwòrán àtàǹpàkò tó nà sókè ránṣẹ́. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ti fi mọ ìgbà tí wọ́n tún ilé ṣe, ó ti fi mọ ìgbà tí dókítà ní àwọn lè ṣí awọ ojú náà kúrò.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ onídìrí wọlé, ó tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣe ojú Màámi. Màámi ní àwọn ò lọ mọ́, àfi tẹ́ ẹ bá dáhùn ohun táwọn bi yín. Wọn ò sì sọ ohun náà fún wa."

Bàbá ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó bọ́ sí ọ̀nà àbájáde, níbi tí ariwo ti dín kù díẹ̀, ó pe fóònù náà. Onídìrí ló gbé e.

"Fún un ní fóònù."

"Bàbá, wọn ò gbà á o."

Ó ń gbọ́ ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn, ketekete: "Sọ fún un pé mo ti sọ tèmi! Ṣebí ìwọ lo wò ó fún mi pé máìkì ti di búlúù? Tí máìkì bá di búlúù, ó ti gbọ́. Mi ò ní tọrọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ ọmọ tí mo kọ́ ní ìrìn!"

"Bàbá, ẹ ò gbọ́ nǹkan ọ̀hún ni?" onídìrí bi í.

Òótọ́ ni, èèyàn kì í fọwọ́ kan fọ́ìsì kí àmì máìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ má di búlúù lójú ẹni tó fi ránṣẹ́. Máìkì kò mọ̀ bóyá orí ni wọ́n gbọ́ tàbí ìdí. "Jẹ́ kí n pè ẹ́ padà," ló rí sọ.

Ó padà wọlé, ó jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ táwẹ́ẹ̀lì. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín gba ẹnu ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó ń ti aṣọ bọ ibẹ̀, ó ń gbọ́ bó ṣe ń ròyìn ọ̀rọ̀ náà. Bàbá ń fa fọ́ìsì lọ sókè, wọn kò tán. Níbo ni kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀? Kó tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ilẹ̀ á ti mọ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì dókítà á sì ti ṣófo.

"Ẹ tún gbọ́ ìdí wọn," Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín pariwo.

"Mo ti gbọ́ ìdí gbogbo wọn! Ìyẹn ló pa mí."

"Á jẹ́ pé wọn ò fi sí ìdí nìyẹn. Nǹkan tó bá wúwo, ibi tọ́wọ́ bá ti rọ èèyàn ló ń gbé e kalẹ̀ sí."

Ọ̀rọ̀ yẹn mú kó wo fọ́ìsì náà bí ẹni ń wo aṣọ, kì í ṣe bí ẹni fẹ́ gbọ́ ọ. Ìlà kéékèèké ló máa ń tò sójú fọ́ìsì: ibi tóhùn bá ti ròkè, ìlà á ga, ibi téèyàn bá ti dákẹ́, á di kìkì àmì tíntìntín. Gbogbo fọ́ìsì ẹ̀gbọ́n ga láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bí ọgbà onígi, torí obìnrin náà kì í dánu dúró láti mí. Ó ń wò ó, ó ń wò ó. Títí ojú rẹ̀ fi kan ọ̀kan tí àárín rẹ̀ ṣí sílẹ̀, bí ẹnu ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká.

Ẹ̀gbọ́n òun dákẹ́? Nígbà wo?

Ó wọ yàrá tí wọ́n ń to aṣọ mímọ́ sí, ó ti ilẹ̀kùn. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tò dé àjà lápá ọ̀tún lápá òsì, wọ́n gbé gbogbo ariwo mì. Ó fi fóònù sétí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, láìjẹ́ kó sáré. Ẹ̀gbọ́n kí i. Ó kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó kí òtútù ibẹ̀. Ó ròyìn adìẹ. Ó wá dákẹ́. Bàbá ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ Ehoro," ohùn náà wá, ó ti rẹlẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí o. Kì í ṣe ọ̀bẹ. Wọ́n ní àwọn á di ojú mi pa tí wọ́n bá ṣe é tán, gbogbo ayé á ṣókùnkùn. Mo wá ń rò ó pé, nínú òkùnkùn yẹn, tí mo bá pè ọ́ bí mo ṣe ń pè ọ́ nídìí kànga, ṣé wàá ṣì jẹ́ mi? Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ̀rọ̀, ọmọ yìí á ní, 'Màámi, wọ́n na àtàǹpàkò sí yín.' Àtàǹpàkò! Ṣé àtàǹpàkò ni mo pọ̀n ni? Ohùn ẹ ni mo fẹ́ dì mọ́ra lọ síbẹ̀. Ó dáa. Adìẹ yẹn tún ti dé. Kú iṣẹ́ o, ọkọ mi, a óò fojú rinjú."

Bàbá kò mọ ìgbà tó fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì nu ojú. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ̀gbọ́n yìí nígbà tí ìyá wọn kú, tó gba ìyá ṣe? Ó pọ̀n ọ́n lọ sódò, ó pọ̀n ọ́n bọ̀, ó jẹ́ kó lọ síléèwé, òun dúró ti kànga. Kò sì yé pè é láti ìgbà yẹn. Lójoojúmọ́ ayé ló ń pè é, àní nínú fóònù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ àjò tí kò sẹ́ni tí ń pè wọ́n mọ́. Fóònù tiwọn mọ́ tónítóní. Tirẹ̀ kún dé ẹnu, ó sì ń pè é ní wàhálà.

Ó tẹ ìka mọ́ máìkì. Ó kí i bí ẹni ń ka ìwé, ó wọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pa á rẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu, ó pa ìyẹn náà rẹ́. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín yọjú lẹ́nu ọ̀nà: "Bàbá, kókó lẹ máa kọ́kọ́ sọ o!"

"Ti ilẹ̀kùn yẹn!"

Ó mí kanlẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ká ẹnu láàárín àwọn aṣọ funfun náà, ó sì kígbe débi tí ohùn ọmọdé tó wà nínú àgbàlagbà mọ:

"Mo ti dé! Mo ti dé o, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹsẹ̀ Ehoro ti jẹ́ yín. Òpùrọ́ yín ni, kò tíì kúrò lórí ẹní, àmọ́ ó ti jẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ojú náà. Tí wọ́n bá dì í, tí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, ẹ ní kí ọmọ máa tẹ èyí fún yín, ẹ máa gbọ́ mi. Ẹ pè mí lọ́la, ẹ pè mí lọ́túnla, ẹ ròyìn adìẹ. Ẹnu ni màá máa fi jẹ́ yín, mo ti ká àtàǹpàkò kò. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bu omi fún mi. Ẹ ṣé gan-an ni, tí ẹ ò dákẹ́ pípè mí."