Bisikíìtì Tí Kò Ní Yéé Dàgbà

Yí-i-Wò là ń pe olùkọ́ wa, orúkọ náà sì tọ́ sí i. Bó o bá gbé iṣẹ́ rẹ lọ síwájú rẹ̀, kò ní kọ́kọ́ kà á. Á fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀, á yí nọ́ńbà kan nínú síìtì ìṣirò rẹ, á wá máa wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ti fọwọ́ tẹ ìdáhùn síbẹ̀ láìsí fọ́múlà, ibẹ̀ lojú ti máa ń tì wọ́n. Èmi ò ṣe irú ìyẹn. Ọgbọ́n tèmi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tó fún wa ni pé ká mú ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń ta ìpín rẹ̀ lọ́jà ìpín, ká ṣírò iye tó yẹ kí ìpín kan jẹ́. Òun nìkan ló kù kí n gba ìwé ẹ̀rí. Ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ti fún mi níṣẹ́, àmọ́ wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí náà wá kóṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí n gbàgbé ẹ̀. Àádọ́ta mákì péré ni mo nílò.

Mo mú ilé iṣẹ́ bisikíìtì. Mo ṣírò owó tó máa ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́ lọ́dọọdún fún ọdún márùn-ún, lẹ́yìn owó orí àti ẹ̀rọ tí wọ́n máa rà. Owó ọ̀la ò tó owó òní, torí náà mo fi ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún dá gbogbo rẹ̀ padà sí iye tó jẹ́ lónìí. Fún àwọn ọdún tó kù títí ayé, mo ní owó náà á máa fi ìdá mẹ́rin pọ̀ sí i lọ́dọọdún, mo wá fi ohun tó kù bí a bá yọ mẹ́rin kúrò nínú méjìlá pín in. Mo yọ gbèsè wọn kúrò, mo fi àròpọ̀ ìpín wọn pín ìyókù. Ó fún mi ní náírà 31 fún ìpín kan.

Iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà jẹ́ 59. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn alágbàtà ìpín, tí gbogbo ilé wa sì gbà pé ó mọ̀wé nítorí táì ọrùn rẹ̀.

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n kẹ̀? Àbúrò, ṣé gbogbo ọjà ló ya wèrè, tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lorí ẹ pé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta."

"Yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kẹrin. Ọjà kì í parọ́. Wá ibi tó o ti ṣahun sí wọn."

Mo wá a. Mo sọ ìdá mẹ́rin yẹn di márùn-ún, mo sọ ọ́ di mẹ́fà. Nígbà tó di mẹ́jọ, síìtì náà gbé 59 jáde wẹ́rẹ́. Inú mi dùn, mi ò purọ́. Mo kọ odindi ojú ìwé kan nípa bí àwọn ọmọdé ṣe fẹ́ràn bisikíìtì tó, mo sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi.

Lọ́jọ́ tó kàn mí, Yí-i-Wò fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀. Ojú rẹ̀ lọ tààrà síbi ìdá mẹ́jọ yẹn. Ó sọ ọ́ di mẹ́wàá: ìpín kan di 114. Ó sọ ọ́ di mọ́kànlá: 226.

"Áà! Ká ti máa lọ rà á," ló wí.

Ó tẹ méjìlá, bíi méjìlá tí mo fi dá owó náà padà sí tòní; méjìlá kúrò nínú méjìlá, ó ku òfo. Síìtì náà ní òun ò lè fi òfo pín nǹkan. Ó tẹ mẹ́tàlá, iye ìpín kan bọ́ sísàlẹ̀ òdo pẹ̀lú igba ó lé mọ́kàndínlógún.

"Ó dàgbà dàgbà, ó wá di gbèsè," ni Yí-i-Wò wí. "Arábìnrin, ìdá mélòó ni ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè yìí fi ń dàgbà lọ́dún?"

"Nǹkan bíi mẹ́rin, sà."

"Bisikíìtì tìrẹ ń fi mẹ́jọ dàgbà títí ayé. Lọ́jọ́ kan, á gbé gbogbo wa mì. Mélòó lo kọ́kọ́ rí?"

Mo tẹ mẹ́rin padà. 31 jáde. Ó yẹ àwọn fọ́múlà náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí.

"Èyí dáa gan-an. Kí ló dé tó o fi sílẹ̀?"

"Iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà ni 59, sà."

"Bó bá jẹ́ iye ọjà ni mo ń wá, ṣé mi ò lè ka ìwé ìròyìn ni?"

Ó ní iṣẹ́ tí mo gbé wá síwájú òun lòun máa fún ní mákì, kì í ṣe èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án. Ó kọ 46. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, omi ń bọ́ lójú mi, ó ní kò sóhun tóun lè ṣe.

Mo dúró lẹ́bàá àtẹ̀gùn, mo pe ẹ̀gbọ́n mi kí n lè fìbínú sọ̀rọ̀ sí i. Kò jẹ́ kí n la ẹnu.

"Àbúrò mi àtàtà! Mo fi ìṣirò ẹ han oníbàárà mi kan láàárọ̀ yìí. Ó ti ń ṣiyèméjì, ó ní 59 ti wọ́n jù. Mo ní rárá o, àbúrò mi jókòó ṣírò ẹ̀, iye kan náà ló rí. Ó ti rà á. Olùkọ́ yín ńkọ́, kí ló wí?"

"Ó ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀," ni mo wí.