Ojúsàájú Mátírọ́nù

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó ọmọ Mátírọ́nù wá ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn tó dá lẹ́sẹ̀, inú Mátírọ́nù kò dùn rárá. Òun ló ń ṣe rọ́sítà wọ́ọ̀dù náà: ta ni yóò wá láàárọ̀, ta ni yóò wá lọ́sàn-án, ta ni yóò ṣe òru, ta ni yóò sinmi. Ó mọ̀ pé bí òun bá fún ọmọbìnrin yìí ní Sátidé kan péré láti fi sinmi, ẹnu ayé kò ní í kúrò lára òun. Ó pè é sí ọ́fíìsì.

"Nílé, ìyàwó mi ni ọ́," ó ní. "Níbí, nọ́ọ̀sì ni ọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní í rí tèmi sọ."

"Ẹ ṣé, mà," ni ìyàwó fèsì. Kí ni ì bá tún sọ?

Láti ọjọ́ náà, bí nọ́ọ̀sì kan bá ń ṣàìsàn, ìyàwó ni wọ́n ń pè. Bí èèyàn kò bá pé ní òpin ọ̀sẹ̀, ìyàwó ni. Òfin ilé-ìwòsàn ni pé ẹni tó bá ṣe òru gbọ́dọ̀ sinmi dáadáa kó tó tún wọṣẹ́. Mátírọ́nù mọ òfin yìí bí ẹní mowó, òun gan-an ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó ń pa á mọ́ fún gbogbo èèyàn, àfi fún ìyàwó. Ìyàwó kò sì ráhùn. Ẹjọ́ ìyá ọkọ, ta lèèyàn máa rò ó fún, nígbà tí ìyá ọkọ náà jẹ́ ọ̀gá?

Àwọn nọ́ọ̀sì yòókù ń gbádùn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ní láti ìgbà tí òun ti wọṣẹ́, òun kò rí òpin ọ̀sẹ̀ tó pọ̀ tó báyìí rí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyàwó ṣe òru mọ́jú, ó lọ sílé, wọ́n sì pè é padà lọ́sàn-án nítorí pé ẹnì kan kò wá. Ó dé. Káfíńtà kan tó jábọ́ látorí òrùlé wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹnu ọ̀nà, wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sókè. Ìyàwó gbé oògùn fún un, ó jókòó tì í láti yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, oorun bá gbé e lọ.

Nígbà tí Mátírọ́nù wọlé, bùláńkẹ́ẹ̀tì káfíńtà ló wà léjìká ìyàwó.

"Ẹ rọra, mà," ni káfíńtà sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Oògùn tó gbé fún mi, ti bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni. Mi ò tíì lò ó. Mi ò kàn fẹ́ jí i ni."

Mátírọ́nù yẹ oògùn náà wò. Òótọ́ ni. Ó fọwọ́ kan ìyàwó léjìká.

"Máa lọ sílé."

"Ta ló máa wá ṣe ọ̀sán, mà?"

"Mo ní kó o máa lọ sílé."

Mátírọ́nù ṣe ọ̀sán náà fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti fún èèyàn lábẹ́rẹ́ gbẹ̀yìn. Káfíńtà ní òrùlé tí òun ti jábọ́ sàn ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.

Níbi tí wọ́n ti ń mu tíì, Ẹ̀gbọ́n dúró tì í. "Ẹ má bínú, Mátírọ́nù, ẹ ń ṣojúsàájú."

"Èmi? Ta ni mo ń ṣojúsàájú fún?"

"Àwa ni. Ó sì dùn mọ́ wa, ìdí nìyẹn tá a fi dákẹ́."

Mátírọ́nù mu tíì rẹ̀ tán, ó fọ ife.

Nígbà tó ń ṣe rọ́sítà tó kàn, kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Ó kọ́kọ́ ka iye èèyàn tí iṣẹ́ àárọ̀, ọ̀sán àti òru nílò. Lẹ́yìn náà ó fa ìlà kan fún nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní òru tirẹ̀, ìsinmi lẹ́yìn òru, òpin ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n lè pe ẹni tó ni ìlà náà bí ẹnì kan bá ṣàìsàn. Ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un kọ, títí kò fi sí ìlà kankan nínú rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ò lè gbà. Ó wá kọ nọ́ńbà àwọn ìlà náà sórí bébà wẹ́wẹ́, ó ká wọn, ó dà wọ́n sínú abọ́ irin, ó ní kí kálukú mú ọ̀kan.

"Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀, kó pààrọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pààrọ̀ ìsinmi ẹ̀yìn òru."

Ìyàwó mú tirẹ̀. Òru ló fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ń wo Mátírọ́nù. Mátírọ́nù gbé abọ́ náà síwájú ẹni tó kàn.

"Gba tèmi," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Ìyàwó fi ìka tọ ìlà rẹ̀ dé ìparí. "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Màá ṣe é. Ìsinmi wà lẹ́yìn ẹ̀."

Nígbà tí ìyàwó parí òru rẹ̀, ọmọ Mátírọ́nù pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màmá, ìyàwó mi wà nílé láti àná."

"Mo mọ̀."

"Ṣé wọ́n ti lé e níṣẹ́ ni?"

"Ó ń sinmi ni."

Ọ̀rọ̀ náà ṣe ọmọ bákan. "Kí wá ni kí n ṣe?"

"Fọ abọ́," ni Mátírọ́nù wí, ó sì padà sídìí aláìsàn rẹ̀.