Àṣẹ Ìkọ́lé Alhaji Àmọ̀dá

Naimat ti san púpọ̀ nínú owó ilé kan ní Ilo-Awela kó tó bi Alhaji Àmọ̀dá, tó kọ́ ilé náà tó sì ń tà á, léèrè àṣẹ ìkọ́lé.

"Mo gbà á," ni Alhaji wí. "Mo sanwó fáúndéṣọ̀n, mo sanwó òrùlé."

"Ta lẹ san án fún, Alhaji?"

"Àwọn ọmọ onílẹ̀ ni. Àbí ìjọba ló ni ilẹ̀ ni?"

Naimat gba ọ́fíìsì ètò ìlú lọ ní Ọ̀tà. Ọ̀gbẹ́ni Ephraim, òṣìṣẹ́ tó bá níbẹ̀, sọ pé ilé tó ti parí ṣì lè gba àṣẹ, bí wọ́n bá ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe wà, tí ẹnjiníà yẹ agbára rẹ̀ wò, tí wọ́n sì san owó ìtanràn.

"Kí Alhaji gbà á, Màmá. Ẹ má tíì san ìyókù owó, kí lọ́yà yín kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Alhaji gbà bẹ́ẹ̀; ẹnjiníà yẹ ilé náà wò, ó sì yege. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù iwájú rẹ̀ ti sún mọ́ títì jù, wọ́n ní kí Alhaji wó o kí àṣẹ tó jáde.

Bó ṣe gbé òòlù báyìí, àwọn ọmọ onílẹ̀ dé.

"Alhaji, owó wíwó ńkọ́?"

Alhaji wo ojú Naimat.

"Ẹ san án fún wọn, Alhaji," ni Naimat wí. "Àbí ìjọba ló ni ilẹ̀ ni?"

Naimat kò san ìyókù owó ilé náà títí àṣẹ fi jáde.