Ọ̀la Lọjọ́ Ọjà

Lọ́jọ́ Ajé ni Adéṣọlá ka ìkéde kan sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n fẹ́ la gọ́tà ọjà Ìjẹ̀gùn ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n máa ń ná an, ni wọ́n bá ní kí ọjà ọ̀sẹ̀ yẹn bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Adéṣọlá sì kọ ọ́ bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀: "Ẹ̀yin oníṣòwò Ìjẹ̀gùn, wọ́n ti yí ọjọ́ ọjà padà o. Ọ̀la ni!" Kò tiẹ̀ sí lọ́kàn ẹ̀ pé ohùn yẹn kan náà ni wọ́n á máa gbé sáfẹ́fẹ́ láràárọ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọ̀kadà gbé e kọjá lọ́jà. Ọjà dá páro. Ìyá Hope àtàwọn obìnrin mélòó kan jókòó ti apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó ti ń ṣomi.

Adéṣọlá kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá mi, àná ni wọ́n ná ọjà. Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà."

Ìyá Hope pòṣé. "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre. Lánàá ni rédíò ní ọ̀la ni, àbí òní kọ́?"

Ìgbà náà ni rédíò ìsọ̀ kan ké: "Ọ̀la ni!" Ohùn rẹ̀ ni, ó ń dún kíkan. Adéṣọlá pe ilé iṣẹ́, ó pè é títí, kò sẹ́ni tó gbé fóònù.

Ìyá Hope gbé apẹ̀rẹ̀ ka orí. "Ṣé ẹ gbọ́? Ọ̀la ni. Àwa la tètè dé."

Omi tòmátì ń kán sí i lọ́rùn bó ṣe ń lọ.